Ìṣirò Owó Ọwọ́ àti Ìṣirò Ẹ̀tọ́ Nínú Iṣẹ́ Adìyẹ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún kan, bàbá kan tí ó ń sin 500 adìyẹ tí ń yé ẹyin mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ ta gbogbo adìyẹ wọ̀nyí kí ọdún Kérésì tó kọjá. Ẹ wo ìwé yìí: nínú oṣù Kọkànlá nìkan, mo pàdánù ₦1,120,000." Mo gba ìwé náà, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan nínú àròpọ̀ rẹ̀. Ìwé náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tí bàbá ń bi í ni ó ń dáhùn.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe ìṣirò iṣẹ́ oko. Èkínní ni ìṣirò owó ọwọ́. Nínú èyí, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni a ń kọ ọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí owó tí a rí, ọjọ́ tí ó bá sì jáde ni a ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Èkejì ni èyí tí n ó pè ní ìṣirò ẹ̀tọ́. Nínú tirẹ̀, ọjọ́ tí ọjà bá kúrò lọ́wọ́ wa ni a ń kọ iye rẹ̀, ìbáà ṣe pé oníbàárà san owó tàbí pé ó gbé e láwìn, nítorí pé owó náà ti di ẹ̀tọ́ wa. Bákan náà, ohun tí a bá lò nínú oṣù kan ni ìnáwó oṣù náà. Ohun tí a rà tí a kò tíì lò, ohun ìní ni ó ṣì jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo oṣù Kọkànlá bàbá yìí. (Iye owó ọjà a máa yí padà, kí ẹ fi iye ti àgbègbè yín rọ́pò èyí tí ẹ ó bá níhìn-ín.) Nínú 500 adìyẹ rẹ̀, nǹkan bí 400 ń yé lóòjọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, èyí jẹ́ ẹyin 12,000, tàbí kíréètì 400, ó sì ń ta kíréètì kan ní ₦5,000. Ó gba owó kíréètì 250 lọ́wọ́. Kíréètì 150 tí ó kù, àwọn obìnrin tí ń ta ẹyin lọ́jà gbé e láwìn, wọ́n ní àwọn yóò san án nínú oṣù Kejìlá. Nítorí pé ó mọ̀ pé oúnjẹ adìyẹ lè gbówó lórí tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ra àpò 140, tí yóò tó o lò fún oṣù méjì, ní ₦16,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó san ₦80,000 fún òṣìṣẹ́, ó sì ná ₦50,000 lórí oògùn àti ọkọ̀.

Bí a bá fi owó ọwọ́ ṣírò, ₦1,250,000 ni ó wọlé, ₦2,370,000 sì jáde. Níbẹ̀ ni àdánù tí ó ń bà á lẹ́rù ti wá. Ṣùgbọ́n kíréètì 400 ni ó tà, kì í ṣe 250. Iye wọn jẹ́ ₦2,000,000. Ilé ìpamọ́ rẹ̀ ṣófo ní ọjọ́ kìíní oṣù, ó ra àpò 140, a sì ka 70 níbẹ̀ ní ìparí oṣù; nítorí náà àpò 70 ni àwọn adìyẹ jẹ, ₦1,120,000. Bí a bá yọ èyí kúrò, pẹ̀lú owó òṣìṣẹ́, oògùn àti ọkọ̀, ₦750,000 ni yóò kù.

Ìnáwó kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í rántí. Adìyẹ ń gbó. Bàbá ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦6,000 nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yé, ó sì ní ìrètí láti tà wọ́n ní ₦3,600 lẹ́yìn oṣù méjìlá tí wọ́n bá ti yé tán. ₦2,400 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi dín, èyí tí í ṣe ₦200 lóṣù. Fún 500 adìyẹ, ₦100,000 ni. Nítorí náà èrè oṣù Kọkànlá jẹ́ ₦650,000. Adìyẹ tí bàbá fẹ́ tà yìí ni ó ń pa èrè fún un.

Oṣù Kejìlá ni ewu kejì wà, mo sì rò pé òun ni ó burú jù. Bí gbogbo ẹyin oṣù náà bá tà lówó lọ́wọ́, tí àwọn onígbèsè sì san ₦750,000 wọn, owó tí yóò wọlé yóò jẹ́ ₦2,750,000. Ìnáwó yóò jẹ́ ₦130,000 péré, nítorí pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Ìwé owó ọwọ́ yóò wí fún bàbá pé ó jèrè ₦2,620,000! Bí ó bá fi owó yìí ra alùpùpù, kò ní rí owó oúnjẹ adìyẹ rà nínú oṣù Kìíní. Ìṣirò ẹ̀tọ́ yóò tún wí pé ₦650,000 ni, gẹ́gẹ́ bí ti oṣù tí ó ṣáájú. Kí ẹ ro oṣù méjèèjì pọ̀: owó ọwọ́ fi ₦1,500,000 hàn, ìṣirò ẹ̀tọ́ fi ₦1,300,000 hàn. ₦200,000 tí ó wà láàárín wọn ni gbígbó adìyẹ fún oṣù méjì, owó tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ láti fi ra adìyẹ mìíràn.

Iṣẹ́ tí èyí fi kún ti àtẹ̀yìnwá kò pọ̀. Kí ẹ máa kọ orúkọ ẹni tí ó jẹ yín àti ẹni tí ẹ jẹ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ka àpò oúnjẹ àti kíréètì tí ó wà nílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí oṣù bá parí. Kíkà yìí ní àǹfààní mìíràn. Adìyẹ tí ń yé a máa jẹ nǹkan bí gíráàmù 115 lóòjọ́; fún 500, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò oníkílò 25 mọ́kàndínláàádọ́rin (69) ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ìṣirò yín bá wí pé wọ́n jẹ àpò 85, kí ẹ wá eku, kí ẹ wo ibi tí òjò ti ń jò, kí ẹ sì wo ọwọ́ ẹni tí ń bọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwìn. Gbèsè tí ẹ mọ̀ pé ẹni náà kò ní san mọ́, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èrè kíákíá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò ẹ̀tọ́ yóò máa fi ọrọ̀ tí kò sí tàn yín jẹ.

Ẹni tí ó gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tí ó ń kórè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, tí ó sì ń gba owó rẹ̀ lójú ọjà, kò ní àwìn, kò sì ní ọjà nílẹ̀. Ìṣirò owó ọwọ́ tó fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ ní ọdún yìí tí yóò wú u ní èyí tí ń bọ̀, ẹni tí ń tajà láwìn, àti ẹni tí ń kó oúnjẹ ẹran pamọ́, ìṣirò ẹ̀tọ́ ni yóò sọ òtítọ́ èrè fún wọn. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá ṣètò pé láti ọdún 2016 kí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ti owó ọwọ́ bọ́ sí irú èyí.

Síbẹ̀, kí ẹ má ṣe ju ìwé owó ọwọ́ nù. Bàbá jèrè ₦650,000 nínú oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n ó ní láti fi ₦1,120,000 nínú owó tí ó ti tọ́jú tẹ́lẹ̀ dí ohun tí ó jáde. Bí kò bá ní in, adìyẹ tí ń jèrè ni ìbá sùn lébi. Ìwé owó ọwọ́ ni ó ń sọ fún wa nígbà tí ó yẹ kí a lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìṣirò ẹ̀tọ́ sì ni yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ bí iṣẹ́ wa ṣe lè san án padà.