Bí A Ṣe Ń Fọ Etí Lógò Mọ́ Lórí Àwọ̀ Tuntun

Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu kéde pé orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọn yóò máa fi pe gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà ní Iganmu. Ẹgbẹ́ òṣèré tó bá tún fẹ́ lo ìwé ìpolówó àtijọ́ ní láti yọ orúkọ àti lógò ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kó sì fi tuntun rọ́pò. Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá wà, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ JPEG nìkan ló ṣẹ́kù, wọn á gé ti àtijọ́ kúrò, wọn á lẹ tuntun mọ́ àwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ìwé náà, ìlà funfun tín-ín-rín á sì yí i ká. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bánà, ẹni tó wà ní òdìkejì títì á rí i.

Ibi tí ìlà funfun náà ti wá

Kí etí lógò lè dán lójú, kọ̀ǹpútà máa ń po àwọ̀ lógò àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ sínú píksẹ́lì tó wà ní ààlà. Ká ní lógò náà dúdú, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, ìyẹn 255. Píksẹ́lì tó wà láàárín á súnmọ́ 128, àwọ̀ eérú. Ojú kì í ká eérú yìí sí lórí funfun. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e sórí àwọ̀ ewé tó ṣú, á hàn kedere, nítorí pé funfun àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Funfun yẹn gan-an la fẹ́ yọ. Ẹni tó bá fi blur bò ó kàn ń mú un fẹ̀ sí i ni.

Pa lógò àtijọ́ rẹ́

Má ṣe tọ etí lógò àtijọ́ tímọ́tímọ́. Inú àpótí kéékèèké tó jẹ́ píksẹ́lì 8 sí 8 ni JPEG ti máa ń fún àwòrán pọ̀, ìdọ̀tí etí lógò a sì máa tàn ká inú wọn. Nítorí náà, fa igun mẹ́rin yí lógò náà ká, kí o fi bíi píksẹ́lì 16 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fi Eyedropper mú àwọ̀ níbi tó jìnnà sí lógò, kí o sì kun inú rẹ̀. Bí àwọ̀ ẹ̀yìn bá ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀, kíkùn á fi àmì sílẹ̀. Lo `Edit > Content-Aware Fill` dípò rẹ̀.

Gé tuntun

Nínú Photoshop, mú Magic Wand, fi Tolerance sí 32, kí o rí i pé àmì wà nínú Anti-alias. Tẹ ibi funfun tó yí lógò ká. Di Shift mú, kí o tẹ inú lẹ́tà bíi o àti a pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni funfun máa ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà:

```
Select > Inverse
Ctrl + J
Layer > Matting > Remove White Matte
```

Àṣẹ ìkẹyìn yìí ló ń yọ funfun kúrò nínú eérú, tí dúdú tó ṣe é rí gba inú rẹ̀ kọjá á fi ṣẹ́kù. Bí ìlà kan bá ṣì kù, lo Defringe, kí o fi sí píksẹ́lì 1. Ó ń fi àwọ̀ inú lógò rọ́pò ti etí. Ṣọ́ra fún Contract, nítorí pé ó máa ń jẹ àwọn lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́.

Bí etí bá rí págunpàgun

Ohun méjì ló sábà ń fà á. Ọ̀kan ni pé a gbàgbé Anti-alias; padà lọ gé e. Èkejì ni pé lógò kéré, a wá fà á gbòòrò. Lógò tí yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 lórí ìwé, ní 300 dpi, nílò nǹkan bíi píksẹ́lì 590. Bí tìrẹ bá jẹ́ 200, kò sí fífọ̀ tó lè gbà á là. Bèèrè PDF, SVG tàbí CDR lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí kò bá sí, fi Pen tọ etí rẹ̀ lákọ̀tun, yan Make Selection, fi Feather sí 0, kí o sì fi àmì sí Anti-aliased.

Yẹ̀ ẹ́ wò

Fi léyà dúdú sábẹ́ lógò náà: ìlà funfun á yọjú. Fi funfun síbẹ̀: ìdọ̀tí dúdú á hàn. Lẹ́yìn náà ni kí o dá àwọ̀ ewé padà, kí o wò ó ní 100%, kí o tó sún mọ́ ọn dé 300%. Ohun tó bá hàn ní 100% la gbọ́dọ̀ tún ṣe. Èyí tó jẹ́ pé 300% nìkan ló ti hàn lè máà ṣe nǹkan kan lórí ìwé ìpolówó kékeré, ṣùgbọ́n bánà á gbé e jáde.

PNG ni kí o fi tọ́jú rẹ̀. Tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú lórí Wásáàpù, yan Document, má yan fọ́tò; bó bá jẹ́ fọ́tò, Wásáàpù á tún un fún pọ̀ sí JPEG, ìdọ̀tí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò á sì tún padà sí etí rẹ̀.