Ohun Tó Yẹ Kó Wà Lójú Aago Ọwọ́ Yín

Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè wo aago kì í wò ó pẹ́. Ó fẹ́ mọ nǹkan kan, ó mọ̀ ọ́n, ó sì gbójú kúrò. Tó bá jẹ́ Apple Watch ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan tó lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pọ̀ ju aago tó lù lọ: ó lè rí bóyá ooru ń mú níta, ìpàdé tó kàn, tàbí ìṣẹ́jú tó kù kí ìrẹsì kúrò lórí iná. Lórí aago náà, "Complications" ni wọ́n kọ sí ibi tí a ti ń yan àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn tó ń ṣe aago láyé àtijọ́ ló kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn pe ohunkóhun tí aago bá ń fi hàn yàtọ̀ sí wákàtí àti ìṣẹ́jú, bí ọjọ́ inú oṣù tàbí ìrísí òṣùpá. Àfikún la ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń yí wọn padà. Ẹ fi ìka tẹ ojú aago mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wá tẹ "Edit". Ẹ máa fi ìka gbá a sí òsì: ẹ ó rí ibi tí a ti ń yan ìrísí àti àwọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó dé ibi àwọn àfikún, tí ìlà yóò yí àyè kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ tẹ àyè tí ẹ fẹ́ yí padà, kí ẹ fi bọ́tìnnì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago wá ohun tí ẹ fẹ́ nínú àkójọ tó jáde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yẹn wọlé, aago yóò sì tọ́jú ohun tí ẹ ṣe. Bí ojú aago bá kéré jù fún yín láti máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ṣí áàpù "Watch" lórí iPhone yín, kí ẹ tẹ ojú aago tí ẹ fẹ́ lábẹ́ "My Faces". Gbogbo àyè náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ohun tó ṣòro ni mímọ ohun tó yẹ ká fi síbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi nǹkan kún gbogbo àyè torí pé àyè wà. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí a kọ ìbéèrè sílẹ̀ ná, kí a tó yan àfikún. Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àrìnọlá. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ló ti ń ṣiṣẹ́, láti aago méje alẹ́ di aago méje àárọ̀, ìyá rẹ̀ sì wà n'Íbàdàn. Kí ló máa ń fẹ́ mọ̀ nígbà tó bá wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?

Àkọ́kọ́, ó nílò ọwọ́ aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, nítorí ó ń ka iye ìgbà tí aláìsàn mí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èkejì, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, ó gbọ́dọ̀ padà yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 15, nítorí náà ó fẹ́ rí ìṣẹ́jú tó kù. Ẹ̀kẹta, ó fẹ́ mọ bóyá ìyá òun ti jí. Ẹ̀kẹrin, ó fẹ́ mọ bóyá bátìrì yóò gbé òun dé òwúrọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin péré nìyẹn. Ojú ọjọ́ kò sí lára wọn, nítorí kò sí ohun tó máa fi ìròyìn òjò ṣe nínú wọ́ọ̀dù láàárín òru. Ìdánwò tí a fi ń yan àfikún nìyí: bí ohun tó ń fi hàn bá yí padà, ṣé ẹ máa ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀? Bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló pinnu ojú aago tí Àrìnọlá máa lò. Ojú aago tí wọ́n ń pè ní "Modular" rọrùn láti kà, àmọ́ wákàtí àti ìṣẹ́jú nìkan ló ń kọ. "Infograph" ní ọwọ́ tó ń yípo, ó sì ní àyè mẹ́jọ: mẹ́rin ní igun, mẹ́rin nínú àárín. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ àyè wọ̀nyí dáadáa. Ọwọ́ aago máa ń gba orí àwọn tó wà láàárín kọjá, nítorí náà yóò máa bò wọ́n láti ìgbà dé ìgbà. Kì í dé orí àwọn tó wà ní igun. Ohun tí a kò gbọdọ̀ wá kí a tó rí, igun ló yẹ ká fi sí. Bí aago bá sì wà lọ́wọ́ òsì tí ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, apá òsì ojú aago ni aṣọ máa ń bò. Bí ìyálọ́jà ṣe ń pàtẹ ọjà ló ṣe yẹ ká pàtẹ ojú aago: èyí tí oníbàárà ń bèèrè jù ló ń wà níwájú.

Nítorí náà, igun òkè lápá ọ̀tún ni Àrìnọlá fi "Timers" sí, èyí tí yóò máa ka ìṣẹ́jú 15 náà sẹ́yìn. Igun òkè lápá òsì ni "World Clock" wà, bátìrì sì wà ní igun ìsàlẹ̀. Àyè márùn-ún yòókù, "Off" ló yàn fún wọn, kí ó má bàa sí ohun tó máa dí ọwọ́ aago lójú nígbà tó bá ń ka èémí.

"World Clock" yẹn yẹ fún àlàyé díẹ̀. Ìlú tí ẹ bá ti fi sínú áàpù náà ló máa jáde nínú àkójọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi Lagos síbẹ̀. Aago kan náà ni wọ́n ń lò n'Íbàdàn. Ní oṣù kìíní, Nàìjíríà fi wákàtí méje ṣíwájú Houston, àmọ́ ní oṣù keje wákàtí mẹ́fà ni, torí pé Amẹ́ríkà ń yí aago wọn padà ní oṣù kẹta àti oṣù kọkànlá, Nàìjíríà kì í sì yí tirẹ̀. Nígbà tí Àrìnọlá bá ń jáde níbi iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà òtútù, ó sì di aago kan ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago á ṣe ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀. Nínú áàpù "Watch" lórí fóònù, lábẹ́ "Clock", ibì kan wà tí wọ́n kọ "City Abbreviations" sí. Níbẹ̀, a lè yí ìkékúrú orúkọ ìlú padà, kí Lagos máa jẹ́ ILE, bó bá wù wá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: kì í ṣe gbogbo àfikún la lè gbẹ́kẹ̀ lé bákan náà. Ibi tí ìròyìn rẹ̀ ti ń wá ló ń sọ bó ṣe péye sí. Irú kìíní ni èyí tí aago ń ṣírò fúnra rẹ̀, bíi "Timers" àti "World Clock". Ìwọ̀nyí kì í pẹ́ sẹ́yìn. Irú kejì ni èyí tí aago ti mọ̀ ṣáájú, bí ìpàdé inú kàlẹ́ńdà; yóò péye títí dìgbà tí ẹnì kan bá yí ìpàdé náà padà lórí ẹ̀rọ mìíràn, tí ìròyìn náà kò sì tíì dé. Irú kẹta ni èyí tó gbọ́dọ̀ lọ mú ìròyìn wá láti ibòmíràn, bí ojú ọjọ́ tàbí iye owó ìpín ìdókòòwò. Nítorí bátìrì, aago kì í jẹ́ kí áàpù máa ṣe èyí nígbà gbogbo. Àní áàpù tí àfikún rẹ̀ wà lójú aago tí ẹ ń lò, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ní wákàtí kan ló lè bèèrè fún àyè láti ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà tí ẹ ń wò lè ti pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ooru ìta, kò sí ewu níbẹ̀. Ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá lè sọ di ewu, ẹ jẹ́ kí áàpù rẹ̀ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ṣèèṣì wo aago.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ìròyìn ti pẹ́ rọrùn. Ẹ tẹ àfikún náà kí áàpù rẹ̀ ṣí; bí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tó wà níta, èyí tó wà níta ti pẹ́. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ lọ wo "Background App Refresh" lábẹ́ "General" nínú áàpù "Watch", kí ẹ rí i pé wọn kò pa á fún áàpù náà. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá "Low Power Mode" wà ní títàn, nítorí ó ń dín irú iṣẹ́ yìí kù. Bó bá jẹ́ àmì "--" ni ojú ọjọ́ ń kọ dípò nọ́ńbà, ohun tó sábà ń fà á ni pé aago kò rí fóònù tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí pé a kò fún "Weather" láyè láti mọ ibi tí a wà. "Location Services" lórí iPhone ni a ti ń tún ìyẹn ṣe.

Nígbà tí Àrìnọlá bá délé, ìbéèrè rẹ̀ yí padà. Ìgbà wo ni iṣẹ́ tó kàn? Ṣé òjò máa rọ̀ kí òun tó jáde? Nítorí náà ó ṣe ojú aago kejì, "Modular", ó sì fi kàlẹ́ńdà sí àyè fífẹ̀ tó wà láàárín, níbi tí orúkọ ìpàdé àti àkókò rẹ̀ ti lè jáde. Bí a bá fi kàlẹ́ńdà kan náà sí àyè kékeré, díẹ̀ nínú ìròyìn yìí ló máa rí ibi dúró sí. Ojú ọjọ́ àti "World Clock" wà nínú àwọn àyè kéékèèké ìsàlẹ̀. Kò pọn dandan kó máa fi ọwọ́ yí ojú aago méjèèjì: lórí iPhone, ó lọ sí "Settings", ó ṣí "Focus", ó yan "Work", ó sì so ojú aago iṣẹ́ mọ́ ọn lábẹ́ "Customize Screens". Bí "Work" bá ti bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, "Infograph" á jáde.

Ó ku ohun kan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín èrò. Láti Series 5 ti ọdún 2019, ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago yìí kì í ṣókùnkùn tán bí a bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tó jókòó tì yín lè ka ìpàdé yín. Nínú "Settings" aago, lábẹ́ "Display & Brightness", ẹ ṣí "Always On", kí ẹ sì pa "Show Complication Data". Ẹ ó ṣì máa rí ìròyìn yín bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aago yín lónìí, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin tí ẹ máa ń fẹ́ kó dáhùn. Àfikún tí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi "Off" rọ́pò rẹ̀.