Àtúnṣe Tí Ń Gba Afẹ́fẹ́ Wọ Inú Ọkọ̀

Ní ìgbà kan rí, bí ọkọ̀ bá ní àbùkù, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nìkan ni a ń gbé e lọ. Òun ni yóò tú ẹ̀rọ palẹ̀, tí yóò yọ ohun tí ó bàjẹ́, tí yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lóde òní, àbùkù mìíràn wà tí sípánà kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké ni ó wà nínú ọkọ̀ ìgbàlódé: ọ̀kan ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, òmíràn ń darí bíréèkì, òmíràn sì ń fi ọ̀rọ̀ hàn lójú gíláàsì tí ó wà níwájú awakọ̀. Àṣẹ tí a kọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń tẹ̀lé. Bí àṣẹ náà bá ní àṣìṣe, a kì í pààrọ̀ irin kankan. Àṣẹ ni a ń tún kọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà sì lè fi àṣẹ tuntun ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóónù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nǹkan eré ni èyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìwé ìròyìn Consumer Reports ti Amẹ́ríkà, tí ó máa ń dán ọjà wò fún àwọn oníbàárà, dán ọkọ̀ Tesla Model 3 kan wò. Nígbà tí ọkọ̀ náà ń sáré máìlì 60 ní wákàtí kan, tí wọ́n sì tẹ bíréèkì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 152 kí ó tó dúró. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ náà fi àṣẹ tuntun ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ náà dán wò, ẹsẹ̀ bàtà 133 ni ó fi dúró. Ẹsẹ̀ 19 ti dín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tú táyà rẹ̀.

Báwo ni àṣẹ náà ṣe ń wọlé? Lákọ̀ọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ a fi èdìdì tí a fi ìṣirò ṣe dì í. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ a gbà á díẹ̀díẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́, yálà nípasẹ̀ síìmù tí ó wà nínú rẹ̀ tàbí nípasẹ̀ Wáì-fáì ilé, a sì kó o pamọ́. Gbígbà yìí kò dí ìrìn àjò lọ́wọ́, nítorí pé àṣẹ ti àtẹ̀yìnwá ni ọkọ̀ ṣì ń tẹ̀lé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ọkọ̀ a yẹ èdìdì náà wò. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti yí padà lójú ọ̀nà, èdìdì kò ní bá a mu, ọkọ̀ a sì kọ̀ ọ́.

Fífi àṣẹ náà sípò ni ó gba ìṣọ́ra jù lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà kan dà bí ilé tí ó ní yàrá méjì. Àṣẹ àtijọ́ a wà ní yàrá kan, a sì tẹ́ tuntun sí yàrá kejì. Bí tuntun bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ a padà sí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò ní ju yàrá kan lọ. A ní láti kó ẹrù àtijọ́ jáde pátápátá kí tuntun tó wọlé. Ní àkókò yẹn, kọ̀ǹpútà náà kò ní àṣẹ kankan nínú. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kò fi gbọdọ̀ rìn, tí iná bátìrì kò sì gbọdọ̀ já. Bí iná bá já lágbedeméjì, kọ̀ǹpútà náà lè kú pátápátá, kí ó sì di ohun tí a ń gbé lọ sí gáréèjì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Beijing, olú-ìlú Ṣáínà, ní oṣù Kìíní ọdún 2019 fi èyí hàn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá ọkọ̀ Nio ES8 kan dúró ní òpópónà Chang'an. Bí ó ti dúró bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ gbà kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ọkọ̀ ìyókù ń lọ, ṣùgbọ́n èyí kò lè kúrò lójú kan. Fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, àwọn ọlọ́pàá sì yọjú sí i, wọn kò rí nǹkan kan ṣe. Ó ju wákàtí kan lọ kí iṣẹ́ náà tó parí. Ọkọ̀ náà kò bàjẹ́. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Ìlúpéjú. Ká ní ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Town Planning Way, tí ìkéde àtúnṣe sì yọ lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó há sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó sún un síwájú títí yóò fi délé. Nígbà tí ó bá délé, kí ó ka ohun tí àtúnṣe náà fẹ́ ṣe àti iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà. Kí ó gbé ọkọ̀ sínú ọgbà, níbi tí kò ti ní dí ẹlòmíràn lọ́nà, ní àkókò tí kò ní lò ó. Kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì yọ ẹ̀rọ kẹ́ẹ̀kẹ́ yòówù tí ó bá ti kì bọ ihò tí mẹkáníìkì fi ń yẹ ọkọ̀ wò.

Lẹ́yìn náà ni kí ó wo bátìrì. Bátìrì fóòtì 12 tí ó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, máa ń fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn, bí ó bá fi 12.2 hàn, ó ti dé ìdajì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò sí ohun tí ń fi iná kún un mọ́. Ká ní àwọn kọ̀ǹpútà ń fa ámpù 15 fún ìṣẹ́jú 40: ámpù-wákàtí 10 ni wọn yóò jẹ. Bátìrì tuntun tí ó ní 60 kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n èyí tí ooru Èkó ti sọ di ògbó, tí kò lè gbà ju 20 lọ mọ́, yóò pàdánù ìdajì agbára rẹ̀, ó sì lè mú kí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ bí bátìrì bá rẹlẹ̀. Kí a gba ìkọ̀sílẹ̀ náà ní ìkìlọ̀, kí a sì lọ fi iná kún bátìrì.

Bí iná ìjọba bá lọ nígbà tí ọkọ̀ ń gba àṣẹ láti orí Wáì-fáì, ewu kò sí. Ọkọ̀ yóò dúró de ìgbà tí ó bá padà dé. Nígbà tí ó bá ti ń fi í sípò, bátìrì tirẹ̀ ni ó gbójú lé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú orí bátìrì náà nítorí pé ó rò pé iṣẹ́ ti pẹ́ jù.

Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Síìmù tí ó wà nínú èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà lè má ríṣẹ́ ṣe níhìn-ín, nítorí náà ìkéde lè má dé rárá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò Wáì-fáì, bí ó bá lè gbà á, tàbí gáréèjì tí ó ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà. Kí a má ṣe gba àṣẹ tí a kò mọ orísun rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á lójú pópó, nítorí pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ni ilé-iṣẹ́ fi ń mọ àṣẹ tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí àṣẹ wọn má sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọkọ̀ ń yẹ̀ wò kí ó tó gba àṣẹ tuntun?
2. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kọ̀ǹpútà oníyàrá méjì àti oníyàrá kan.
3. Kí ni awakọ̀ Beijing ìbá ti ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà?
4. Bí àwọn kọ̀ǹpútà bá ń fa ámpù 12 fún ìṣẹ́jú 30, ámpù-wákàtí mélòó ni wọn yóò jẹ?