Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: Ọ̀SẸ̀ ẸNI TÓ Ń DÁ GBÉ NÍ CLEAR LAKE

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá a ka orúkọ ọjọ́ mẹ́rin tó wà nínú ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Lónìí a óò wo ohun tí kíkà ọjọ́ yẹn lè ṣe fún ẹni tí ìwé tàbí iṣẹ́ gbé kúrò nílé, tí èrò yí i ká bí omi, síbẹ̀ tí kò rí ẹni tí yóò kí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Clear Lake wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Houston, lẹ́bàá omi tó ń ṣàn lọ sí Galveston. Ilẹ̀ tí màlúù ń jẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1961 tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn án fún ilé iṣẹ́ àwọn tó ń lọ sójú òfúrufú, ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti ibi gbogbo. Ní ọdún 1974 yunifásítì ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Nítorí náà àtọ̀húnrìnwá ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe àwa nìkan ni àlejò. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni wọ́n la ọ̀nà ibẹ̀ fún, kì í ṣe ẹsẹ̀. O lè dúró lórí afárá títì ńlá 45 ní ìrọ̀lẹ́, kí o rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń kọjá, kí gíláàsì sì wà láàárín ìwọ àti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Nílé, ìkíni wà fún ohun gbogbo tí a bá ń ṣe. O jókòó, wọ́n ní ẹ kú ìjókòó. O ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó kí ọ ti rí ọ nìyẹn, ó sì ti sọ ohun tó rí. Àwa tí a ti dàgbà kí a tó fi ìwé kọ́ èdè yìí, ibẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ mú wa lọ́kàn. Ní Clear Lake wọ́n á ní "haú à yú", ọmọ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òun ṣe sùn, kó tó gbójú sókè ẹni tó béèrè ti wọ ẹ́lífétọ̀ lọ. Kò bínú sí i o. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn.

Wàyí o, ọmọ awo kan wà tí a mọ̀, Ọbàtálá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ní ilé ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó wá kàwé ní Clear Lake ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, kò ní mọ́tò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó pọ̀ ní Houston, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n wà, ní apá Alief àti òpópónà Bissonnet, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́, epo àti obì. Láti Clear Lake débẹ̀ tó bí 30 máìlì. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí àárín ìlú, ọjọ́ iṣẹ́ ló wà fún. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè tí ọwọ́ ọmọ yìí dilẹ̀, ọ̀nà kò sí.

Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un kó tó kúrò nílé pé, "Ọrún-ọrún ni kí o máa bu omi tútù fún òòṣà rẹ. Ní ọjọ́ yẹn gbogbo wa la jọ wà níwájú rẹ̀." Ọmọ gbọ́ ọrún, ó mọ̀ pé márùn-ún ni. Ó mú kàlẹ́ńdà, ó sì ka márùn-ún. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Àgbà Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Mọ́ńdè yẹn fúnra rẹ̀ ni oókan, Túsìdé eéjì, Wẹ́sìdé ẹẹ́ta, Tọ́sìdé ẹẹ́rin, Fúráìdé aárùn-ún. Fúráìdé ni ọ̀sẹ̀ tún pé. Ẹni tó bá ń fi kàlẹ́ńdà òyìnbó kà á, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi kún un, kì í ṣe márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá lórí kàlẹ́ńdà, tí ìtàdínlógún sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Ẹ wá wo oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọmọ yẹn. Ọjọ́ kìn-ín-ní jẹ́ Mọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá sì ni nítòótọ́. Ní ilé ìyá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà 9, 13, 17, 21, 25 àti 29. Ní yàrá tirẹ̀ ní Clear Lake, ọjọ́ 6 ló ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn náà 11, 16, 21 àti 26. Ọjọ́ 6 tó wọ aṣọ funfun, tó bu omi, ọjọ́ Ifá ni nílé. Ọjọ́ 11, ọjọ́ Ògún. Ọjọ́ 16, ọjọ́ Jàkúta. Ó ń sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. A kò fẹ́ sọ pé òòṣà kò gbọ́ ọ. Ta la jẹ́ tí a ó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní Sátidé ọjọ́ 13, àwa ará ilé òrìṣà pé jọ ní apá Alief, a jẹ iyán, a jó. Òun wà nínú yàrá, ó ń dúró de ọjọ́ 16.

Ọjọ́ 21 ló tàn án jẹ. Lẹ́yìn ogúnjọ́, ọ̀nà méjèèjì máa ń pàdé. Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Sọ́ńdè yẹn, ó gbọ́ ariwo agogo àti ohùn àwọn àǹtí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ohun gbogbo wà létò. Ní Fúráìdé ọjọ́ 26 ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, Ìyá mi."

"Ọ̀sẹ̀ wo, ọmọ mi? Ọ̀sẹ̀ ti kọjá lánàá. Kí ló dé, ṣé kò sẹ́ni tí ẹ jọ ń kà á níbẹ̀?"

Ó ní ìbéèrè yẹn ló mú òun sunkún.

Àmì tí ẹ fi lè mọ̀ nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ rẹ bá bá tilé mu lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún yà, ìwọ lò ń ka márùn-ún. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ọ̀sẹ̀ òrìṣà kan yóò padà sí ọjọ́ kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 28. Láàárín ìyẹn, yóò ti bọ́ sí ọjọ́ méjèèje òyìnbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó wà ní Clear Lake ni pé ẹ̀ẹ̀kan yóò bọ́ sí Sátidé, ẹ̀ẹ̀kan sí Sọ́ńdè. Ọjọ́ méjèèjì yẹn ni kó bẹ̀ wá sílẹ̀ ṣáájú pé kí ẹnìkan fi mọ́tò wá gbé òun. Márùn-ún tó kù, kó ṣe é ní ìdájí kó tó lọ sí kíláàsì. Bí aago márùn-ún ìdájí bá lù ní Houston, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni ní Ìbàdàn. Láti Sọ́ńdè kìn-ín-ní oṣù Nòfẹ́ńbà títí di Sọ́ńdè kejì oṣù Máàṣì tí wọ́n ń yí aago, aago méjìlá ọ̀sán ni. Àwọn ará ilé kò ní í tíì tú ká. Kó tẹ̀ wọ́n láago nígbà yẹn, kó má dúró di alẹ́ tí wọ́n ti sùn.

Ọ̀rọ̀ obì ṣì kù. Obì ni a fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀, a óò pa á, a óò dà á, lẹ́yìn náà a óò pín in jẹ. Ẹni tó dá wà pa obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ fún òòṣà, ó jẹ ọ̀kan, méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń jẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń jù ú nù, èyí kò dára. Tiwa ni pé kí ó wá ẹni gbé e fún. Ọmọ yìí gbé méjì náà sínú àwo, ó kan ilẹ̀kùn ọmọ Íbò kan tó ń gbé lókè rẹ̀, tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Ẹni yẹn wo obì, ó ní kó wọlé kó jókòó. Ó ní nílé àwọn náà, aláwẹ́ mẹ́rin ni àwọn ń fẹ́, pé ọjọ́ ọjà mẹ́rin àwọn ni, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Ọmọ wa kò mọ̀ rí pé àwọn Íbò náà ń ka ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n jókòó di ààjìn. Ẹni yẹn ló ní mọ́tò. Òun ló ń gbé e wá sí ilé wa ní Sátidé báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sátilíìkì ni, níta ló ń dúró tí à ń gbé oúnjẹ fún un.

Ohun kan wà tí a ní láti sọ láìfi bò. Àárò máa ń mú kí ènìyàn rò pé wọ́n ń ṣe òun láti ilé. Ẹ má tìtorí èyí fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ tó ní òun óò ṣe ètùtù lórí fóònù. Kọ́kọ́ sùn, kọ́kọ́ jẹun, kí o bọ orí rẹ, kí o sì pe ẹni tó tẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ òyìnbó méjì, tí oúnjẹ kò wọ ọ̀fun, tàbí tí ọkàn rẹ ń sọ pé ikú sàn, èyí kì í ṣe àárò lásán mọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Júláì ọdún 2022, nọ́ńbà 988 ni kí o tẹ̀, ọ̀sán tàbí òru, ènìyàn yóò dá ọ lóhùn. Yunifásítì náà ní àwọn onímọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kí o pe wá. Kò sí èèwọ̀ kan tó ní kí awo má rí dókítà.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Mú kàlẹ́ńdà oṣù yìí. Bi àgbà ilé rẹ léèrè ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ bọ́ sí kẹ́yìn, kí o sàmì sí i, kí o wá ka á dé òpin oṣù tó ń bọ̀. Èwo ló bọ́ sí Sátidé, èwo ló bọ́ sí Sọ́ńdè? Kọ orúkọ ẹni tí ìwọ yóò gbé awẹ́ obì méjì fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o mú un wá sí kíláàsì.