Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìmọ̀ràn Lórí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Forí Gbálẹ̀ Tí Kò sì Gbọ́ Òórùn Mọ́

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí ènìyàn bá fi ìpàkọ́ gbálẹ̀, ojú ọgbẹ́ ni gbogbo ará ilé ń wò, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dá, tí ẹni náà ti mọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó wà, wọn a gbà pé ewu ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìpalára kan wà tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, tí kì í sì í dunni, tí ó máa ń ti ẹ̀yìn orí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níwájú, débi pé ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí gan-an lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó fura sí i. Ìpalára náà ni pé imú kò gbọ́ òórùn mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí òórùn ń gbà dé inú ọpọlọ. Ní òkè pátápátá nínú ihò imú ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń gba òórùn, láti ara awọ yìí sì ni àwọn fọ́nrán tí ó tín-ín-rín ju òwú lọ, bí ìdì ogún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ń gòkè lọ sí kókó kékeré kan tí ó wà lábẹ́ iwájú ọpọlọ. Egungun tí ó wà láàárín imú àti ọpọlọ ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́, inú àwọn ihò wọ̀nyí ni fọ́nrán náà sì ń gbà kọjá. Ọpọlọ kò so mọ́ agbárí gírígírí, inú omi ni ó wà, nítorí náà bí ìpàkọ́ bá gbá ilẹ̀, tí agbárí dúró lójijì, ọpọlọ a ṣì máa sún, ṣùgbọ́n egungun asẹ́ náà kò ní í bá a sún, àwọn fọ́nrán tí ó há sínú ihò a sì fà ya tàbí kí wọ́n já. Èyí ni ó fà á tí ìpàkọ́ tí ó gbálẹ̀ fi lè pa ìgbóòórùn run ju iwájú orí tí ó gbá nǹkan lọ. Kò di ìgbà tí agbárí bá fọ́, kò sì di ìgbà tí ènìyàn bá dákú fún wákàtí púpọ̀, kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn, tí ó ń gbé yàrá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kadà tí ó gùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò yọ̀ lórí ọ̀dà, kò dé akoto, ó fi ìpàkọ́ gbálẹ̀, iyè rẹ̀ sì ra fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, wọn kò rí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ọpọlọ, wọ́n rán ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó ní kí ó máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè nípa imú rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìyanu, nítorí aláìsàn tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, kì í rò nípa òórùn, oúnjẹ ilé ìwòsàn kò sì ní adùn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí nǹkan tó hàn. Ìyá rẹ̀ se ẹ̀fọ́ rírò tí ó kún fún irú, ọmọ náà jẹ òkèlè mẹ́ta, ó sì fà sẹ́yìn. "Màmá, ẹ má bínú, ọbẹ̀ yìí kò dùn lẹ́nu mi." Ìyá rò pé iyọ̀ ni kò tó, ó bu iyọ̀ sí i, kò yí padà, lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọmọ òun ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú oúnjẹ ilé, tàbí pé oyún ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà, nítorí pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ń sọ pé ẹnu òun ni kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé imú ni ó kú. Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn bíi ti ṣúgà, iyọ̀, kíkan, kíkorò, àti adùn bíi ti omi ẹran lọ. Gbogbo ohun yòókù tí a ń pè ní adùn irú, adùn ẹ̀gúsí tàbí adùn máńgòrò, òórùn ni, tí ó ń ti ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sínú imú nígbà tí a bá ń jẹun. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè di imú rẹ̀ pinpin kí ó sì jẹ máńgòrò: dídùn àti kíkan nìkan ni yóò mọ̀, àfìgbà tí ó bá tú imú sílẹ̀ ni máńgòrò yóò tó di máńgòrò. Inú ipò dídi imú yẹn ni ọmọbìnrin náà wà láti àárọ̀ di alẹ́.

Àyẹ̀wò ilé kò le. Kí aláìsàn di ojú, kí ó fi ìka di ihò imú kan, kí ẹlòmíràn sì gbé nǹkan olóòórùn sún mọ́ ihò kejì láìsọ orúkọ rẹ̀: kọfí, kànáfùrù, èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, irú. Kí wọ́n sì gbé ìkòkò òfìfo sí i nígbà mìíràn, kí ìméfò má bàa di ìdáhùn. Àṣìṣe ńlá kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún, òun ni pé kí a fi ata, róòbù tàbí àlùbọ́sà tí a gé dán an wò. Títa ata àti títutù róòbù kì í ṣe òórùn. Iṣan mìíràn, tí ó ń gbé ìmọ̀lára ojú, imú àti ẹnu lọ sí ọpọlọ, ni ó ń mú un, iṣan yìí sì sábà máa ń wà láàyè bí fọ́nrán òórùn bá tilẹ̀ ti já. Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà fi róòbù sí i nímú, ojú rẹ̀ ṣomi, ọ̀rẹ́ sì pariwo pé, "Ṣebí o gbọ́ ọ!" Kò gbọ́ nǹkan kan. Èdè Yorùbá pàápàá dá kún ìṣòro yìí díẹ̀, nítorí pé a ń lo *gbọ́* fún ohùn àti òórùn bákan náà, nítorí náà ó dára kí a bi í pé kí ni nǹkan náà, kí a má ṣe bi í pé ṣé ó gbọ́.

Nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de àyẹ̀wò ilé. Bí omi tí ó mọ́ gaara bá ń kán láti imú lẹ́yìn tí ènìyàn forí gbálẹ̀, pàápàá láti ihò kan ṣoṣo, tí ó ń pọ̀ sí i bí ó bá tẹríba, tí ó sì ń dà bí iyọ̀ lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé omi tí ó yí ọpọlọ ká ni ó ń jò láti inú egungun tí ó sán. Kí ó má ṣe fun imú, kí wọ́n má ṣe ki òwú bọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò àrùn lè gbà wọlé sí ọpọlọ. Bákan náà, àáṣáà àti omi ewé tí àwọn mìíràn máa ń kán sí imú láti fi "jí i" kò lè so fọ́nrán tí ó já, wọ́n sì lè ba awọ tí ó ṣẹ́ kù jẹ́.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti hàn, ilé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí a tó máa retí ìwòsàn, nítorí pé iṣẹ́ tí imú ń ṣe jùlọ ni iṣẹ́ ọdẹ. Gáàsì ìdáná kò ní òórùn látilẹ̀wá, ṣe ni wọ́n fi nǹkan olóòórùn búburú sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ìkìlọ̀ yìí kò sí fún ọmọbìnrin náà mọ́. Nítorí náà, kí ó máa ti gáàsì láti orí sílíńdà gan-an lẹ́yìn ìdáná, kì í ṣe láti ara sítóòfù nìkan, kí ó sì máa fi ọṣẹ tí a pò mọ́ omi pa ibi tí rọ́bà ti wọ irin, bí ó bá hó wúruwùru, ó ń jò. Bí ó bá gbé nǹkan kaná, kí ó má kúrò nídìí rẹ̀. Ní ti oúnjẹ, ó ti jẹ ẹ̀wà tí ó ti kan rí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń lẹ ìwé pélébé mọ́ orí abọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ ọjọ́ tí a sè é sí. Ó tún yan ọ̀rẹ́ yìí kan náà pé kí ó máa sọ òótọ́ fún òun nípa òórùn ara àti aṣọ òun, nítorí àníyàn yìí ti fẹ́ máa mú un sá fún kíláàsì. Kí a má fojú tín-ín-rín wò ó. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn ara ìyá rẹ̀ tàbí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò mọ́ pàdánù ohun tí kò lè fi han ẹnikẹ́ni, ìbànújẹ́ tí ó bá sì fi í sílẹ̀ láìjẹ, láìsùn yẹ kí ó dé etí dókítà.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánrawò imú rí. Ní ọdún 2009, Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n ń fa òórùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá: òdòdó róòsì, yukalípítọ́ọ̀sì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù. Ó ṣeé ṣe láti ṣe é nílé. Kí a fi òwú tí a rẹ sínú òróró òórùn kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré mẹ́rin, kí aláìsàn fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ó máa rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ bí ó ti ń fà á, kí ó sinmi díẹ̀ kí ó tó mú èyí tí ó kàn. Ìdí tí èyí fi lè ṣiṣẹ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì inú awọ òórùn máa ń hù padà ní gbogbo ayé ènìyàn. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tuntun gbọ́dọ̀ rí ihò egungun náà gbà kọjá, àpá sì lè ti dí i. Nítorí èyí, ẹni tí orí rẹ̀ gbálẹ̀ kì í sábà rí àǹfààní tó ẹni tí kòkòrò ọ̀fìnkìn gba òórùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò rí i gbà padà pọ̀ ju àwọn tí ó rí i gbà lọ, èyí tí yóò bá sì padà sábà máa ń fi ara hàn láàárín ọdún kìíní. Ẹ̀tàn ni kí a sọ fún ọmọ náà pé dandan ni kí ó padà, ìkà sì ni kí a sọ fún un pé kò lè padà láé.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí ọmọbìnrin náà ṣubú, nígbà tí ó ti ń lo ìgò mẹ́rin náà, kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i bíi rọ́bà tí ó ń jó. Ẹ̀rù bà á, ìyá ìyá rẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ẹni tí ó ń ṣe é. Dókítà tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ni ó ṣàlàyé pé bí fọ́nrán tuntun bá ń wá ọ̀nà, wọ́n lè so mọ́ ibi tí kì í ṣe tiwọn, òórùn tí ó bá sì dé a máa dé ní yíyí, ó sì lè jẹ́ àmì pé nǹkan kan ń hù. Ó ní kí ó yẹra fún kọfí, kí ó sì máa bá ìgò mẹ́rin náà lọ. Ní oṣù kẹjọ, ó mọ kànáfùrù yàtọ̀ sí ìgò òfìfo, láti ihò imú ọ̀tún nìkan, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì. Irú kò tíì padà. Ìwé pélébé ṣì wà lórí àwọn abọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà fún un ní àràárọ̀.