Àdùkẹ́ àti Rafíátù

Ní ìlú Kétu, àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà kan wà tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Kílásì karùn-ún ni wọ́n wà. Ní alẹ́ Sátidé, wọn a máa pàdé ní àgbàlá ìyá àgbà Rafíátù. Wọn a tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn kan a máa di irun fún ara wọn, àwọn kan a máa fọ́ ẹ̀pà, ẹni tí ó bá ní àlọ́ lẹ́nu a sì pa á fún àwọn yòókù. Nígbà tí ebi bá dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan a mú fráǹkì 25 wá, wọn a kó o jọ, wọn a fi ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá alákàrà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Àdùkẹ́ ni ó sún mọ́ Rafíátù jù. Láti kílásì kìíní ni wọ́n ti jọ ń jókòó sórí àga kan. Rafíátù fúnra rẹ̀ ni í máa sọ fún un ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ń jáde nílé-ẹ̀kọ́, pé: “Ọ̀la o!” Àdùkẹ́ a dáhùn pé: “Ó di ọ̀la!” Kò sí ìpè mìíràn ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Rafíátù kò sọ ọ́. Àdùkẹ́ rò pé bóyá kò sí eré lọ́la náà ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà ìsinmi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kígbe pé: “Àjàpá, bàtà rẹ dà?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé wọ́n ti pa àlọ́ kan tí òun kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bú u, ẹnikẹ́ni kò sì lé e, síbẹ̀ ẹ̀rín náà dùn ún ju èébú lọ. Sátidé kejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni Àdùkẹ́ ṣe? Ó sún lọ sí etí àga. Ó gba rọ́bà ìpàwérẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Rafíátù. Bí Rafíátù bá kí i, a dáhùn kúkúrú. Rafíátù bi í pé: “Àdùkẹ́, kí ló ṣe ẹ́?” Ó ní: “Kò sí nǹkan.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í dáhùn báyìí, àti àgbà pàápàá. Ẹni tí ó bèèrè ti ṣílẹ̀kùn, ẹni tí wọ́n bi léèrè ló tún tì í.

Lẹ́yìn èyí, Àdùkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún Bọ̀sẹ̀, ó ní kí ó bá òun sọ fún Rafíátù. Ohun tí ó sọ ni pé: “Ó dùn mí pé kò pè mí mọ́.” Ohun tí Bọ̀sẹ̀ lọ sọ ni pé: “Àdùkẹ́ ní o ti ń gbéra ga.” Bọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹni tí a bá rán ní ọ̀rọ̀ tí ó ní ìbínú nínú a máa fi èrò tirẹ̀ kún un lọ́nà, kì í sì í mọ̀. Inú bí Rafíátù. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí fi jókòó sórí àga kan láìsọ̀rọ̀.

Ìyá Àdùkẹ́ ń ta ẹ̀kọ. Ní alẹ́, Àdùkẹ́ àti ìyá àgbà rẹ̀ a máa bá a fi ewé pọ́n ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì náà, ìyá àgbà wo ọwọ́ Àdùkẹ́, ó rí i pé ewé ń ya lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àdùkẹ́, ta ni o ń bá jà nínú ikùn rẹ?”

Àdùkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ní: “Sọ ohun tí ojú rẹ rí fún mi, ohun tí ojú rẹ rí nìkan.”

“Wọ́n ṣeré ní Sátidé mẹ́ta, ìyá àgbà. Rafíátù kò pè mí. Ó kórìíra mi.”

“Ṣé ojú rẹ rí ìkórìíra náà?”

Àdùkẹ́ ronú. “Rárá, ẹ̀yin ìyá. Mo rò ó ni.”

“Ó dára. Fi èyí tí o rò sílẹ̀ nílé. Èyí tí o rí ni kí o gbé lọ. Kí ni o wá fẹ́ kí ó ṣe?”

“Kí ó bẹ̀ mí.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó pọ́n ẹ̀kọ méjì kí ó tó tún sọ̀rọ̀. “Bí ó bá bẹ̀ ọ́ tán, tí kò sì pè ọ́ ní Sátidé tí ń bọ̀, ṣé ó tó?”

“Kò tó. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe fún un.”

“Ìyẹn ni kí o bi í. Ọ̀rọ̀ rere a máa yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú a máa yọ ọfà lápó. Má sọ ọ́ níwájú àwọn yòókù, nítorí ẹni tí a bá ká mọ́ níwájú èrò, ara rẹ̀ ni yóò máa gbà là, kò ní gbọ́ tìrẹ. Má sì sọ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé, kí ó má baà dà bíi pé àkàrà ni o wá bèèrè. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, pa ẹnu dé. Ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ikùn rẹ. Bí ó bá sì ní òun kò fẹ́ kí o wá mọ́, sọ pé o gbọ́, kí o máa bọ̀ nílé. Àgbàlá rẹ̀ ni, a kì í fi agbára wọ ilé ọ̀rẹ́.”

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, Àdùkẹ́ gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ rẹ̀, ó dúró de Rafíátù ní ọ̀nà ẹ̀rọ omi. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ, wọ́n ń wo ọ̀nà, wọn kò wo ojú ara wọn. Ó rọrùn láti sọ̀rọ̀ tí ó wúwo bí a bá ń rìn báyìí.

Àdùkẹ́ ní: “Rafíátù, mo fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìjà kọ́ o.”

Rafíátù kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó dín ìrìn rẹ̀ kù.

“Ó ti di Sátidé mẹ́ta tí ẹ ti ṣeré nílé yín tí o kò sọ fún mi. Nígbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín nítorí bàtà Àjàpá, èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Ṣé mo ṣe nǹkan kan fún ẹ ni?”

Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ení, ó ka èjì. Nígbà tí ó dé orí èje, Rafíátù fọhùn.

“Ìwọ lo ní mò ń gbéra ga.”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dùn mí. Èmi gan-an ni ó yẹ kí n wá bá ẹ, kì í ṣe Bọ̀sẹ̀.”

Rafíátù gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: “Ẹ̀ẹ̀mejì ni o kò mú fráǹkì 25 wá. Nígbà tí o lọ tán, ẹnìkan sọ pé àwọn ni wọ́n ń san tìrẹ. N kò fẹ́ kí ó sọ ọ́ sójú rẹ. Mo rò pé bí n kò bá pè ẹ́, ojú kò ní tì ẹ́.”

Ojú ti Àdùkẹ́ gan-an. Lóòótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ méjì yẹn, ẹ̀kọ kò tà, kò sì lè béèrè owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ sáré lọ sílé. Ó tún fẹ́ béèrè pé: “Ta ló sọ ọ́?” Bí ó bá bèèrè èyí ni, ọ̀rọ̀ àwọn méjì ì bá di ọ̀rọ̀ ẹni kẹta, wọn ì bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó gbé e mì.

Ó ní: “Ó dára tí o rò ó fún mi. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi?”

Rafíátù wo ilẹ̀. “N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.”

Wọ́n pọn omi, wọ́n gbé e rù, wọ́n sì ń bọ̀. Lójú ọ̀nà, Àdùkẹ́ ní: “Ẹ̀kọ ń bẹ nílé wa. Nígbà tí kò bá sí owó, ṣé mo lè mú ẹ̀kọ wá? Àkàrà lásán kì í yó ènìyàn.” Rafíátù rẹ́rìn-ín, omi sì dà sí i lára. Ó ní: “Ẹ̀kọ dára. Bí ó bá sì di Sátidé tí n kò lè pè ẹ́, màá sọ fún ẹ fúnra mi.”

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Rafíátù ní: “Àdùkẹ́, ti ọ̀la kò sí o. Ìkómọ ni nílé wa, àwọn ẹbí nìkan ni.” Ó dun Àdùkẹ́ díẹ̀, nítorí ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó tọ́jú ẹ̀kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ronú kiri.

Ní Sátidé kejì, ó gbé ẹ̀kọ mẹ́fà dé abẹ́ igi máńgòrò. Kò bèèrè ẹni tí ó kùn sí i nígbà kan rí. Ọmọ kan nínú wọn kò lè wò ó lójú nígbà tí ó ń gba ẹ̀kọ tirẹ̀. Àdùkẹ́ fún un bí ó ti fún àwọn yòókù, ó jókòó, ó ní: “Ó yá, ta ni yóò pa àlọ́ bàtà Àjàpá náà fún mi?”

Ìbéèrè

Ọ̀nà mélòó ni Àdùkẹ́ gbà sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ bá Rafíátù lọ́nà ẹ̀rọ omi? Kí ni ó ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́?

Ka ọ̀rọ̀ tí Àdùkẹ́ sọ lọ́nà ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo nínú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ rí, èwo ni ọkàn rẹ̀ ń rò?

Rafíátù fẹ́ pa ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣé o rò pé ó ṣe dáadáa? Kí ni ìwọ ì bá ṣe?

Ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ jókòó, ẹ ṣe bí Àdùkẹ́ àti Rafíátù. Ní ìgbà yìí, Rafíátù dáhùn pé: “Kò sí ẹni tí ó ní dandan ni kí n pè ẹ́.” Kí ni Àdùkẹ́ yóò sọ?