Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Wásáàpù

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Òmù-Àrán fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. "Ẹ̀YIN ONÍBÀÁRÀ WA Ọ̀WỌ́N" ló fi bẹ̀rẹ̀. Àdúrà oṣù tuntun tẹ̀ lé e, ó gùn jọjọ. Gàrí, ẹ̀wà àti epo pupa tò lẹ́sẹẹsẹ. Èlùbọ́ gan-an wà nísàlẹ̀ "Read more", a kò sì rí iye tó ń tà á: "Ẹ kàn sí wa fún iye owó." Ìṣojú mi ni àbúrò mi obìnrin ti tẹ "Block" láì ka ìdajì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí èlùbọ́ nílé rẹ̀.

Ó dùn mí, nítorí èlùbọ́ obìnrin yẹn dára. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sì ń tẹ "Block" tàbí "Report", Wásáàpù lè ti nọ́ńbà rẹ̀ pa.

"New broadcast" ló fi ránṣẹ́. Ẹni 256 ló lè gba iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń wọlé sọ́dọ̀ wọn, ẹnìkan kì í rí orúkọ ẹnìkejì. Bí a bá kọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe kà á. "Ẹ̀yin oníbàárà wa" ló tú àṣírí. Kò sì sí ìdí tí 256 fi gbọ́dọ̀ pé. Kí àwọn tó ń ra èlùbọ́ láti Ìlọrin wà lọ́tọ̀, kí àwọn ará Èsìẹ́ tó ń wá sọ́jà fúnra wọn wà lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń ra gàrí nìkan má rí ti èlùbọ́ rárá. Ká ní kóńgò kan jẹ́ ₦2,500, èyí ni ti àwọn ará Ìlọrin:

"Ẹ káàárọ̀ o. Èlùbọ́ tuntun ti dé, àná la lọ̀ ọ́. Kóńgò kan, ₦2,500. Ọjọ́bọ̀ ni mọ́tò yóò gbé e wá sí Ìlọrin. Kóńgò mélòó ni kí n yọ sílẹ̀ fún yín? Èmi ìyá ẹlẹ́lùbọ́, Òmù-Àrán."

Ó tán. Ìbéèrè yẹn ló ń mú èsì wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni èsì náà sì ń bọ̀. Kó fi àdúrà pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá sanwó.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti bá òwe yìí jà nìyí: "kàn sí wa fún iye owó" gan-an ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀, òun ló sì ń lé oníbàárà. Ẹni tó wà ní Ìlọrin kò mọ iye tí ọjà ń lọ ní Òmù-Àrán; ojú yóò máa tì í láti bèèrè, yóò sì rà á níbòmíràn. Iye owó, òṣùwọ̀n àti ọjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi.

Àwọn kan wà tí ààbọ̀ pàápàá kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pamọ́ sínú fóònù nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ń wọlé sí. Kó tẹ iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, kó wo "Info". Bí orúkọ ẹnìkan kò bá sí lábẹ́ "Delivered to" tàbí "Read by" lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, bóyá fóònù rẹ̀ kú ni, bóyá kò fi nọ́ńbà pamọ́ ni. Kó pè é, kó ní kó fi í pamọ́, kó sì bi í ní kóńgò mélòó kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.